Gbígba Owó Lọ́wọ́ Oníbàárà Òkèèrè: Ibi Tí Owó Ti Ń Jò àti Bí A Ṣe Ń Dí I

Ẹni tó bá ń ta iṣẹ́ tàbí ọjà fún oníbàárà tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn sábà máa ń rí i pé owó tó wọlé kò tó iye tó ti fojú sí, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọjà pàṣípààrọ̀ ló ṣe é. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú owó kan ṣoṣo palẹ̀, tí a wo ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yọ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ó rí i pé ọjà kì í dá jẹbi, àti pé apá tó pọ̀ nínú àdánù náà ni a lè dá dúró láì retí kí ọjà yí padà. Nítorí náà, owó kan ni a ó tẹ̀ lé nínú ìtọ́sọ́nà yìí, láti ọjọ́ tí a dá iye rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ tú owó kan palẹ̀ kí ẹ tó wá ojútùú

Ká mú oníṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán ilé. Dọ́là ló fi ń san gbogbo ìnáwó rẹ̀, àmọ́ oníbàárà rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń ná yúrò. Ní ọjọ́ tí wọ́n dúnàá-dúrà, yúrò 1 jẹ́ dọ́là 1.10, oníṣẹ́ náà sì dá iye iṣẹ́ sí 4,000 yúrò, nítorí pé ó ń fojú sí 4,400 dọ́là. Oníbàárà sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 45. Ohun tó wọ àkáǹtì oníṣẹ́ náà ni 4,120 dọ́là. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n irú wọn kì í ṣọ̀wọ́n.

Igba ó lé ọgọ́rin dọ́là ti lọ. Kí a tó mọ ibi tó gbà lọ, a nílò iye kan tí báńkì kì í kọ sínú ìwé tó ń fi ránṣẹ́ sí wa, èyí ni iye àárín ọjà: iye tó wà láàárín èyí tí àwọn báńkì fi ń ra owó lọ́wọ́ ara wọn àti èyí tí wọ́n fi ń tà á. Ní ọjọ́ tí owó náà wọlé, iye àárín ọjà ti sọ̀ kalẹ̀ sí 1.07. Ní iye yẹn, 4,000 yúrò jẹ́ 4,280 dọ́là, a jẹ́ pé 120 dọ́là péré ni ọjà mú lọ. Báńkì alágbàtà kan tí owó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá yọ 25 yúrò, èyí tó jẹ́ 26.75 dọ́là. Báńkì oníṣẹ́ náà wá gba 3,975 yúrò tó ṣẹ́ kù, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ ní 1.04 dípò 1.07. Ìyàtọ̀ sẹ́ǹtì mẹ́ta yìí, tí ojú lè fò dá, mú 119.25 dọ́là lọ. Lẹ́yìn èyí ni báńkì kan náà tún gba 14 dọ́là fún gbígba owó láti òkèèrè.

Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí báńkì fi pamọ́ sínú iye pàṣípààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ọjà mú lọ fún oṣù kan ààbọ̀, síbẹ̀ kò sí ìlà kankan nínú ìwé àkáǹtì tó pè é ní owó iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka ìpolówó tó sọ pé òun kì í gba owó iṣẹ́ kankan lórí pàṣípààrọ̀ sí ohun tó tó gbára lé, nítorí ẹni tó bá fúnni ní iye tó burú ti gba owó rẹ̀ tán.

Ìdánwò kan wà tó yára. Ẹ mú iye tó wọlé gan-an, kí ẹ pín in pẹ̀lú iye tó wà nínú ínfọ́ìsì:

```
4120 / 4000 = 1.03
```

1.03 yìí ni iye pàṣípààrọ̀ tí oníṣẹ́ náà rí gbà ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1.10 àti 1.07 jẹ́ ti ọjà àti ti àsìkò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1.07 àti 1.03 jẹ́ ti ọ̀nà tí owó gbà wọlé. Ojútùú àwọn méjèèjì kò jọra rárá, ẹni tó bá sì ń fi oògùn ọ̀kan wo èkejì yóò ṣòfò. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún owó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọlé kẹ́yìn kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ọwọ́ tí owó gbà kọjá

Bí owó bá gba ọ̀nà SWIFT wá, èyí tí àwọn báńkì fi ń fi ìsọfúnni ìsanwó ránṣẹ́ sí ara wọn kárí ayé, báńkì oníbàárà lè má ní àjọṣe tààrà pẹ̀lú báńkì yín, nítorí náà owó náà yóò gba ọ̀dọ̀ báńkì alágbàtà kan tàbí méjì kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè yọ tirẹ̀. Ẹni tó máa ru ẹrù owó iṣẹ́ yìí ni oníbàárà máa ń yàn nígbà tó bá ń kún fọ́ọ̀mù. `OUR` túmọ̀ sí pé ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni yóò san gbogbo rẹ̀. `SHA` túmọ̀ sí pé yóò san ti báńkì tirẹ̀ nìkan, ẹni tó ń gba owó yóò sì ru ìyókù. `BEN` ni pé ẹni tó ń gba owó ni yóò ru gbogbo ẹrù náà. Lórí fọ́ọ̀mù tuntun, ẹ lè rí `DEBT`, `SHAR` tàbí `CRED` dípò wọn, ní títò kan náà. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí oníbàárà fi `SHA` sílẹ̀ bó ṣe bá a, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú ínfọ́ìsì pé iye tó wà níbẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wọlé láìdín, kí ó sì yan `OUR`.

Bí owó bá dé láìpé, ẹ má kọ́kọ́ bá oníbàárà jà. Ẹ ní kí ó gba ẹ̀dà ìwé ìsanwó náà lọ́wọ́ báńkì rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní MT103, `33B` ni iye tí oníbàárà ní kí wọ́n san, `32A` ni iye tí báńkì fi ránṣẹ́ sí báńkì kejì, `71F` ni ohun tí ẹnì kan ti yọ lójú ọ̀nà, bí `36` bá sì wà níbẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ owó náà kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni ìrísí tuntun tí wọ́n ń pè ní `pacs.008` ti gba ipò MT103 láàárín àwọn báńkì, àmọ́ ìtàn kan náà ló ń sọ. Lórí ìwé yìí náà ni ẹ ó ti rí nọ́ḿbà ìtọpinpin tó ń jẹ́ `UETR`, tí báńkì yín lè fi wá owó tó há sójú ọ̀nà.

Pàṣípààrọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló burú jù nínú gbogbo èyí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá béèrè dọ́là, tí oníbàárà sì ní yúrò, tí àkáǹtì tí ẹ fún un sì jẹ́ ti irú owó kẹta. Báńkì rẹ̀ yóò pa yúrò dà sí dọ́là, báńkì yín yóò sì pa dọ́là dà sí owó tí àkáǹtì yín ń gbà, kò sì sí ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ yín. Bí iye tí ẹ rí gbà bá jìnnà sí iye àárín ọjà ju bó ti máa ń rí lọ, ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣí àkáǹtì ní irú owó tí oníbàárà ń ná

Ìgbésẹ̀ yìí ló ń mú èrè wá jù fún ẹni tí kò ní owó rẹpẹtẹ. Bí oníṣẹ́ wa bá ní àkáǹtì yúrò tó ní nọ́ḿbà IBAN tirẹ̀, ìyẹn irú nọ́ḿbà àkáǹtì tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, yálà ní báńkì tàbí ní ilé iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ tó níwèé àṣẹ, oníbàárà yóò san yúrò sí i bí ẹni tó ń sanwó láàárín agbègbè tirẹ̀. Owó náà kò ní gba ọ̀dọ̀ alágbàtà kankan. Bó bá ti wọlé, oníṣẹ́ náà ló máa pinnu ọjọ́ tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí yóò bá a ṣe é. Ká ní ó rí ẹni tó ń gba ìdajì dọ́là lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, 4,000 yúrò rẹ̀ yóò di 4,258.60 dọ́là ní ọjọ́ kan náà tí báńkì fún un ní 4,120. Ọjà kò yí padà, ó ṣì mú 120 dọ́là rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n 138.60 dọ́là ti padà sọ́wọ́ oníṣẹ́.

Kí ẹ tó ṣí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé orúkọ yín tàbí ti ilé iṣẹ́ yín ló wà lórí àkáǹtì náà, nítorí báńkì oníbàárà lè dá owó padà bí orúkọ kò bá bára mu, báwo ni iye pàṣípààrọ̀ wọn ṣe rí ní wákàtí kan náà tí ẹ ń wo iye àárín ọjà, àti ṣé òfin ilẹ̀ yín gba kí ẹ fi owó òkèèrè pamọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ta ọjà sókè òkun gbọ́dọ̀ mú owó náà wálé láàárín gbèdéke kan, tàbí kí ó gbà á nípasẹ̀ báńkì tó ní àṣẹ.

Àǹfààní kejì inú àkáǹtì yìí ni pé ẹ lè ná owó náà láìpààrọ̀ rẹ̀. Ká ní oníṣẹ́ wa ní ẹlẹgbẹ́ kan tó ń bá a ṣírò agbára òpó ilé, tó sì ń gba 600 yúrò lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pa gbogbo yúrò rẹ̀ dà sí dọ́là ní 1.04, 600 yẹn yóò di 624 dọ́là. Nígbà tó bá wá fẹ́ ra 600 yúrò padà láti san owó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, báńkì yóò tà á fún un ní 1.10, yóò sì ná 660 dọ́là. Dọ́là 36 ṣègbé lórí owó tí kò yẹ kó kúrò lójú kan. Nítorí náà, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ń san ní irú owó yẹn nínú oṣù, kí ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èyí tó bá ṣẹ́ kù nìkan.

Ẹ má sì sọ àkáǹtì náà di ibi ìtẹ́tẹ́. Ẹni tó bá ń fi yúrò pamọ́ nítorí pé ó gbà pé yóò gbówó lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti fi òwò rẹ̀ sílẹ̀, òwò mìíràn ló ń ṣe. Ó sàn kí ẹ yan ọjọ́ kan nínú oṣù tí ẹ ó máa pààrọ̀, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi àlàfo sínú iye, kí ẹ sì dín ọjọ́ kù

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọjà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni irú owó tí a ó kọ sínú ínfọ́ìsì. Bí ẹ bá béèrè owó tiyín, oníbàárà ni ọjà yóò máa bá jà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n yóò fi ojú owó tirẹ̀ wo iye náà, yóò sì máa rò ó bóyá kí ó wá ẹlòmíràn tó ń béèrè iye tí kì í yí padà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ béèrè owó tiyín fún iṣẹ́ ńlá tó máa gba oṣù púpọ̀, kí ẹ sì béèrè owó oníbàárà fún iṣẹ́ kékeré tó máa tètè parí.

Bí ẹ bá yan owó oníbàárà, iye tí ẹ dá gbọ́dọ̀ gba ìnáwó pàṣípààrọ̀ àti àlàfo díẹ̀ mọ́ra. Oníṣẹ́ wa fẹ́ 4,400 dọ́là. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń bá a pààrọ̀ yóò gba ìdajì lórí ọgọ́rùn-ún, ó sì fẹ́ àlàfo méjì lórí ọgọ́rùn-ún nítorí ìyípadà ọjà:

```
4400 / (1.10 × 0.995 × 0.98) = 4102
```

Nítorí náà 4,102 yúrò ni ó yẹ kí ó béèrè. Bí ọjà bá wá sọ̀ sí 1.07, owó rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 4,367 dọ́là, àdánù rẹ̀ kò sì ní ju 33 dọ́là lọ. Ibi tí àlàfo méjì yẹn ti wá ni ìtàn owó méjèèjì. Ẹ lọ wo iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ wo bí iye náà ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó láàárín iye ọjọ́ tí oníbàárà yín fi ń sanwó, kí ẹ sì mú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, kì í ṣe èyí tó burú jù lọ. Fún yúrò, Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbé iye ìtọ́kasí jáde ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àárín Yúróòpù ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni lè kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó di dandan fún láti fi iye náà bá yín pààrọ̀.

Àlàfo kò lè gba gbogbo ìjì dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Switzerland ṣàdédé jáwọ́ nínú iye 1.20 fíráǹkì sí yúrò 1, èyí tí wọ́n ti ń gbèjà rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, yúrò sì já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fíráǹkì 1 ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó ń san owó òṣìṣẹ́ ní fíráǹkì, tó sì ń retí yúrò lọ́wọ́ oníbàárà, kò sí àlàfo méjì tàbí márùn-ún tó lè gbà á. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kí owó tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́ kéré, kí ọjọ́ tí yóò fi dúró sì kúrú.

Ìdí nìyí tí mo fi ka owó ìṣáájú sí ohun tó lágbára ju àlàfo lọ. Bí oníbàárà bá san 2,000 yúrò ní ọjọ́ tí wọ́n dúnàá-dúrà, tí oníṣẹ́ sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 120 dọ́là tí ọjà ì bá mú lọ yóò di 60. Bí ọjọ́ ìsanwó bá tún dín kù láti 45 sí 14, àyè tí ọjà ní láti yí yóò dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ fi dá iye pé iye náà dúró fún ọjọ́ 14 nìkan, nítorí oníbàárà tó bá fi oṣù méjì ronú ń lo iye àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún iṣẹ́ tó bá gùn, ẹ fi gbólóhùn bí èyí sínú àdéhùn: “A dá iye yìí lórí yúrò 1 sí dọ́là 1.10. Bí iye ìtọ́kasí Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ní ọjọ́ ìsanwó bá fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ sí èyí, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀, a ó tún iye owó tó kù ṣírò.” Ẹ má yọ “yálà sókè tàbí sísàlẹ̀” kúrò. Oníbàárà tó bá rí i pé òun náà lè jèrè níbẹ̀ kì í jiyàn púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgbà tó yẹ kí a so iye mọ́lẹ̀

Báńkì àti àwọn oníṣòwò pàṣípààrọ̀ lè bá yín ṣe àdéhùn pé ní ọjọ́ kan níwájú, àwọn yóò ra yúrò lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ fẹnu kò sí lónìí. Iye yẹn sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ọjọ́ òní nítorí pé èlé orí owó méjèèjì kò dọ́gba. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ nípa ibi tí ọjà ń lọ. Wọ́n lè béèrè owó ìdúró, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dá owó kékeré lóhùn.

Ewu ibẹ̀ ni èyí: bí oníbàárà kò bá san owó, ẹ̀yin ṣì jẹ báńkì ní yúrò tí ẹ ṣèlérí. Ẹ ó lọ rà á lọ́jà ní iye yòówù tó bá wà. Nítorí náà, ẹ má so ju apá tó dá yín lójú lọ, bí àpẹẹrẹ ìdajì owó oníbàárà tó ti ń san déédéé, ẹ má sì so owó oníbàárà tuntun rárá.

Owó káàdì àti owó tí a dá padà

Bí ẹ bá ń gba owó káàdì, ẹ lọ sí ibi ètò ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gbà á, kí ẹ wo irú owó tí oníbàárà ń rí àti irú owó tí wọ́n fi ń san fún yín. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún yín, wọ́n sì ń gba owó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ so àkáǹtì yúrò mọ́ ọn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó ìdápadà ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ká ní ẹ gba 300 yúrò, wọ́n sì san 312 dọ́là fún yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníbàárà dá ọjà padà. Ó ní láti gba 300 yúrò rẹ̀ láìdín, wọn yóò sì yọ ọ́ ní àkáǹtì yín ní iye ọjọ́ náà, bóyá 330 dọ́là. Òwò tí kò wáyé ti jẹ yín ní 18 dọ́là, owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì lè má padà wá. Ẹni tí ọjà rẹ̀ sábà máa ń padà wá gbọ́dọ̀ fi yúrò díẹ̀ sílẹ̀ nínú àkáǹtì fún èyí.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé

Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 21 sọ pé iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí òwò wáyé ni a fi ń kọ owó ọjà, ìyàtọ̀ tó bá sì yọ títí di ọjọ́ ìsanwó yóò wọ inú èrè tàbí àdánù. Ká ní ọjọ́ tí iye wà ní 1.10 ni oníṣẹ́ wa fi iṣẹ́ náà lé oníbàárà lọ́wọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ní 4,400 dọ́là nínú ìwé, kò sì ní padà lọ pa á rẹ́ kí ó lè bá 4,120 mu. Yóò kọ 120 sí àdánù pàṣípààrọ̀, yóò sì kọ 160 tó kù sí ìnáwó gbígba owó. Ní ìparí oṣù mẹ́ta, àpapọ̀ ìlà méjèèjì yìí ni yóò fi pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí ìlà ìnáwó bá ga ju, ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ni yóò yí padà. Bí ìlà àdánù bá ga ju, àlàfo, owó ìṣáájú àti ọjọ́ ìsanwó ni yóò tún ṣe.